Lẹ́tà Ìwáṣẹ́: Olùtọ́jú Ilé Ìkẹ́rùsí

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Mo rí ìpolówó iṣẹ́ yín, iṣẹ́ náà sì wù mí gan-an. Bí ẹ ṣe to ohun tí ẹ ń fẹ́ ni mo ṣe dáhùn.

Mo ní ìwé ẹ̀rí girama. Ìrírí ọdún 2 lẹ béèrè. Ọdún 3 ni mo fi tọ́jú ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ní ti àkọsílẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo máa ń ka ẹrù orí pẹpẹ, tí mo ń fi wé ti inú Excel. Bí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì kan bá dín, n kì í ti ilẹ̀kùn títí n ó fi rí ìwé ẹni tó gbà á. Iṣẹ́ Sátidé kò ni mí lára.

Ọ̀gá mi àtijọ́ ti gbà láti jẹ́rìí mi.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùwáṣẹ́