Ṣé Ó Yẹ Kí Wọ́n Fòfin De Lọ́fínńdà ní Ọsibítù? Ìbéèrè Àwọn Ará Kubwa àti Ìdáhùn Nọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé oṣooṣù àwa ọmọ Yorùbá ní Kubwa, ní Abuja. Ẹnì kan ló sọ pé klíníkì tí òun ń lọ ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kí ẹnikẹ́ni má fi ohun olóòórùn wọlé mọ́, ni ariwo bá sọ. Ọdún 26 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n sì kó ìbéèrè lé lọ́wọ́. Ìdáhùn mi rèé.

Nọ́ọ̀sì, ta ni lọ́fínńdà pa rí? Àbí ẹ fẹ́ sọ òórùn dídùn náà di àìsàn ni?

Ẹ má bínú, sà. Èmi ò tíì rí ẹni tí lọ́fínńdà pa. Àwọn tó gba èémí mọ́ lọ́wọ́ ni mo ti rí. Ohun tí imú wa ń gbọ́ yẹn, kẹ́míkà ni, ó ń fò kúrò lára aṣọ bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀nà èémí ẹni tó ní ikọ́ fée ti wú nínú tẹ́lẹ̀. Ohun kékeré ló ń wá kí iṣan tó yí i ká fún un pọ̀. Eruku ọyẹ́ ń ṣe é, èéfín ń ṣe é, òórùn líle náà ń ṣe é. Ó ń ru ẹ̀fọ́rí túúlu sókè fún àwọn mìíràn. Aláboyún tí inú ń rìn, àti ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, lè bì nítorí rẹ̀.

Mo jẹ́bi rí. Òru ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo fún lọ́fínńdà tuntun sára kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ọmọdékùnrin kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa oògùn nínú ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkúùkù, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti tún ohun tó bò ó nímú ṣe. Ọmọ yí ojú kúrò, ikọ́ gbé e. Ìyá rẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀." Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó sì dùn mí ju kó pariwo lọ. Mo lọ fọ ọrùn àti ọwọ́ mi. Mi ò fi lọ́fínńdà lọ síbi iṣẹ́ mọ́ látọjọ́ náà.

Ṣé ibì kan wà tí wọ́n ti ń ṣe é?

Ó wà. Ní Kánádà, àwọn ọsibítù ìlú Halifax ti ń sọ fún òṣìṣẹ́ àti àlejò pé kí wọ́n má fi òórùn wá, láti nǹkan bí ọdún 1990 sí i. Lọ́dún 2009, CDC, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, ka ohun olóòórùn léèwọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀. Ní 2015, àwọn olóòtú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Kánádà kọ ọ́ pé òórùn àtọwọ́dá kò láyè ní ọsibítù. Níbí, òfin tábà ti 2015 kò gba sìgá mímu láyè ní ilé ìwòsàn. Ti òórùn kò sí nínú òfin yẹn.

Èmi Alhaja, tùràrí ni mo fi ń jáde láti kékeré, ọjọ́ Jímọ̀ pàápàá. Ṣé kí n wá máa rùn bí òbúkọ nítorí mo fẹ́ lọ wo ọmọ mi?

Rárá o, ìyá mi. Ẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ wọ aṣọ tó mọ́, ó parí. Mo mọ̀ pé ìhà Àríwá tí à ń gbé yìí kò fi tùràrí ṣeré: ẹni tó bá ti wọ ilé ará Maiduguri rí mọ̀ bí èéfín rẹ̀ ṣe ń wọ inú aṣọ, inú irun, títí dé inú ìrọ̀rí. Ohun tó mú un dára fún ìgbéyàwó náà ló mú un burú fún wọ́ọ̀dù: kì í lọ. Ẹ lo tiyín lẹ́yìn tí ẹ bá ti ọsibítù dé. Aṣọ tí ẹ bá sì fi èéfín rẹ̀ sí, ẹ fi sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ọsibítù fúnra rẹ̀ ń rùn! Ísáàlì àti bílíìsì ńkọ́?

Ẹni tó kọ èyí, ọlọ́run bù kún ọ. Ibí ni mo ti ń bínú. Wọ́n á ní kí àlejò má fún lọ́fínńdà, kí wọ́n tó wá da ife bílíìsì kan sílẹ̀ láì bomi là á, tí ojú gbogbo ènìyàn ń ta. Bílíìsì náà ń dá ikọ́ fée sílẹ̀. Bí ẹni tó ń nu ilé bá tún pò ó mọ́ oògùn fífọ ṣáláńgá tó ní ásíìdì, afẹ́fẹ́ kílórínì ló ń jáde, májèlé gidi. Ilé tó mọ́ kì í ní òórùn kankan. Àwa ló ń rò pé bí kò bá gbóòórùn Ísáàlì, wọn ò tíì fọ̀ ọ́.

Káńfọ̀ tún burú jù. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ní àbùkù kan tí wọ́n ń pè ní àìtó G6PD, tí ẹni náà kò sì mọ̀. Bí wọ́n bá kó aṣọ ọmọ tuntun sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, tí wọ́n wá fi wọ ọmọ náà, káńfọ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ojú ọmọ á pọ́n bí ìyeyè, ibà pọ́njú rẹ̀ sì lè dé ọpọlọ. Èmi ò bẹ ẹnikẹ́ni lórí èyí: káńfọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ wọ́ọ̀dù ìbímọ, ì báà ṣe nínú báàgì ìyá ọkọ. Ẹ fọ aṣọ yẹn kí ẹ sì sá a lóòrùn dáadáa.

Bí aláìsàn bá fi lọ́fínńdà dé, ṣé wọ́n máa lé e padà?

Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Ta ni yóò wá máa gbóòórùn wa lẹ́nu géètì? Ọlọ́dẹ?

(Ẹni tó kọ èyí, mo mọ̀ ọ́, ẹ̀rín ló fẹ́ fi pa mí.) Kò sí ẹni tí yóò gbóòórùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ni kí òfin mú: dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń gba owó. Àwa la máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ènìyàn. Ní yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ fée, ọmọ tuntun àti jẹjẹrẹ, kí ó jẹ́ òfin pátápátá. Níbi ìdúró, ẹ̀bẹ̀ ni. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run: ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín lè ti fi ínhélà rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Kí wọ́n sì ṣí fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń yí po. Ọṣẹ ìfọwọ́ tí kò ní òórùn ni kí wọ́n rà, ṣùgbọ́n bí olóòórùn nìkan ló wà, kí wọ́n fọ ọwọ́ ná.

Kí ni kí klíníkì kọ sára ògiri nígbà náà?

Èyí tí wọ́n kọ kọ́kọ́ dà bí ìwé ilé ẹjọ́. Mo ti fún wọn ní tèmi, wọ́n á kọ ọ́ ní Hausa pẹ̀lú:

"Ẹ káàbọ̀. Àwọn kan níbí kò lè mí dáadáa nítorí òórùn líle. A ti sọ fún òṣìṣẹ́ wa kí wọ́n má fi lọ́fínńdà wá. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bọ̀ ní ọjọ́ mìíràn, ẹ má fún un, ẹ má fi tùràrí sí aṣọ, ẹ má sì kó káńfọ̀ wá. Bí òórùn kan bá ń dà yín láàmú nísinsìnyí, ẹ pe nọ́ọ̀sì."