Ètò Ìkọ́ni Àkọ́kọ́: Òǹkà Yorùbá láti 11 dé 30

Iṣẹ́: Èdè Yorùbá
Kíláàsì: Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ 38
Àkókò: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:20 àárọ̀, ìṣẹ́jú 35

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: Wọ́n lè ka 1 dé 10, wọ́n sì mọ ogún àti ọgbọ̀n nítorí owó. Olùkọ́ kíláàsì ní tó bá ti kọjá ẹ̀wá, òyìnbó ló kù lẹ́nu wọn.

Èròǹgbà: Bí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè
- ka 11 dé 30 láìfo ọ̀kan;
- fi ìgbálẹ̀ ṣàfihàn òǹkà tí a fi kún àti èyí tí a yọ nínú rẹ̀;
- kọ òǹkà tí mo bá pè sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀.

Ohun èlò: Ẹyọ ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ. Ọ̀wọ́ mẹ́jọ ni n ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdì ogún kan àti ẹyọ mẹ́wàá lọ́tọ̀. N ó ti dì í láti ilé, kí ariwo má baà gba àkókò.

Ìfáàrà (ìṣẹ́jú 5): Gbogbo wa yóò ka 1 dé 10. N ó na ẹyọ mẹ́wàá sókè, n ó fi ọ̀kan kún un: "Mélòó ló wà lọ́wọ́ mi?"

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní (ìṣẹ́jú 10): A ó fi ẹyọ kún mẹ́wàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. N ó wá béèrè èyí tó kàn. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan yóò pariwo "márùn-únlá". N kò ní jẹ́ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti rí ìlànà. Ibi tí ìlànà ti yí padà ni kò tíì rí. N ó kọ ọ́ sójú pátákó, n ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì (ìṣẹ́jú 12): Ẹ tú ìdì ogún. Ẹ yọ márùn-ún, ẹ ka ìyókù: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ dá wọn padà, kí ẹ wá yọ mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kan yóò pe ohun tí wọ́n yọ, kíláàsì yóò dáhùn:
"A yọ mẹ́rin nínú ogún!"
"Mẹ́rìndínlógún!"
Báyìí títí dé mọ́kàndínlógún. Nígbà náà ni a ó padà sí "márùn-únlá" ojú pátákó, àwọn fúnra wọn ni yóò pa á rẹ́. Lẹ́yìn èyí, a ó fi kún ogún dé mẹ́rìnlélógún. N kò ní sọ 25 fún wọn. Kí wọ́n fi ẹyọ mẹ́wàá kún ìdì ogún, kí wọ́n wá a láti inú ọgbọ̀n. Bí aago bá ń lé mi, n ó gé ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní kúrú. Ibí yìí ni mi ò ní sáré kọjá.

Ìgbéléwọ̀n (ìṣẹ́jú 6): Nínú ìwé, láìwo ti ẹnìkejì:
1. Kọ 13, 17 àti 28 ní ọ̀rọ̀.
2. Àgbàdo méjìdínlógún wà nínú agbọ̀n. Mélòó ló kù kó pé ogún?
3. Èwo ni a yọ nínú ọgbọ̀n: 22 tàbí 26?
Bí ìdajì kíláàsì bá ṣi 17 tàbí 28 kọ, ìgbésẹ̀ kejì ni n ó tún ṣe ní Ọjọ́bọ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun.

Iṣẹ́ àṣetiléwá (ìṣẹ́jú 2): Ẹ ka ohun kan nílé tó lé ní ogún tí kò tó ọgbọ̀n, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti iye rẹ̀ ní ọ̀rọ̀. Ẹ lè bi màmá àgbà.