Lẹ́tà Kan Ṣoṣo

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wà, a ti kúrò ní Pósífíìsì, à ń lọ sí Géèrí Àlímì, nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mi ò wá nǹkan kan o. Ohùn ìyá yẹn ló kàn dùn mọ́ mi, ìyá àgbà kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kéwì, mo wá ní kí n tún un gbọ́ kí n tó pa á rẹ́ torí fóònù mi ti kún. Níjọ́ tí mo gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ fún ìròyìn mi ní Dádà, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò l'Ókèléle n'Ílọrin, àwọn obìnrin méjì ń gún amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbì, gbì, gbì, ọ̀kadà ń kọjá, ọmọdé ń ké. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí tí yíàfónù wà létí mi, ọ̀rọ̀ náà wọlé gbangba: "Àlhájà ló kó owó wa jọ."

Jọ.

Jẹ ni mo kọ.

Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀, ó ní "Àǹtí, a ò tíì débẹ̀ o," mo ní mo mọ̀. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo tún un gbọ́ ní ìgbà mẹ́fà. Jọ, jọ, jọ. Àní ìyá yẹn tiẹ̀ fà á.

Ọ̀rọ̀ náà ò le rárá tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn òjò ló ká pánù ibi tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ń sá ìkòkò sí, ẹ sì mọ̀ pé ìkòkò tí kò tíì rí iná, tí òjò bá fi lè kàn án, ó di amọ̀ padà nìyẹn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti wọgbó. Wọ́n wá dá owó, ₦185,000, kí wọ́n fi ra pánù tuntun, Àlhájà ló ń gbà á. Oṣù méjì kọjá, kò sí pánù. Mo débẹ̀ láti lọ kọ nípa bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò, tí wọ́n á gbé e kúrò nínú iná tí wọ́n á dà á lómi èèpo irúgbá kó lè máa dán, ọ̀rọ̀ tó dùn, tó tutù. Ìgbà tí mo wá gbọ́ (mo rò pé mo gbọ́) pé Àlhájà kó owó jẹ, mo gbàgbé irúgbá. Ọ̀gá wa ló fún un ní àkọlé: "Ta Ló Kó Owó Òrùlé Àwọn Amọ̀kòkò Jẹ?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti pín in ní ìgbà 1,400. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo kan ẹsẹ̀ jó ní kíṣìnì.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "gbogbo ìgbìyànjú wa láti bá Àlhájà sọ̀rọ̀ ló já sí pàbó." Gbogbo ìgbìyànjú! Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pè é. Fóònù ẹ̀ ò lọ, mo ní ó ti tó.

Mo padà sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá ń jẹ wàrà díndín, inú ẹ̀ dùn, ó na nọ́ḿbà àwọn tó ti ka ìròyìn náà sí mi. Mo sọ fún un. Ó gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó yọ yíàfónù.

"Ràbí, lẹ́tà kan péré? Wọlé síbẹ̀, yí i padà, sé e. Ta ni yóò mọ̀?"

"Tí n bá yí i padà, sà, àkọlé wa ò nítumọ̀ mọ́."

"A ó yí àkọlé náà."

"Àwọn tó ti kà á ńkọ́?"

Ó ní tí a bá jáde pé a ṣàṣìṣe, gbogbo ohun tí a bá tún kọ nípa ẹnikẹ́ni, olúwa ẹ̀ á ní ṣebí àwọn tó gbọ́ jọ tí wọ́n kọ jẹ nìyí. Ká má parọ́, òótọ́ wà níbẹ̀. Mo rán an létí pé Ilọrin níbí ni àwọn oníròyìn Nàìjíríà ti fọwọ́ sí òfin ìwà wọn lọ́dún 1998, pé ó wà nínú ẹ̀ pé tí a bá ṣàṣìṣe, ká tètè tún un ṣe. Ó ní òfin yẹn kì í san owó dátà.

Mo ṣe ohun tó ní kí n ṣe o. Mi ò ní ṣe bí ẹni mímọ́ níbí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wọlé síbẹ̀, mo pa ẹ rẹ́, mo tẹ ọ, mo yí àkọlé, mo yọ ìlà méjì, mo sé e. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ara mi balẹ̀ débi pé mo lọ bu ọbẹ̀.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti yàrá màámi. Fóònù màámi ló ń sọ̀rọ̀, Wásáàpù àwọn ẹbí wa. Ọkùnrin náà ń ka ìròyìn mi, ọ̀rọ̀ mi gan-an, ó ń fi tiẹ̀ kún un: "Ẹ gbọ́ ohun tí Àlhájà ṣe l'Ókèléle o, ó kó owó opó jẹ, ó sì tún fẹ́ lọ Mẹ́kà." Mi ò kọ opó. Mi ò kọ Mẹ́kà. Màámi ní "Asitagfirulláì, irú èèyàn wo lèyí," wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lọ sí ẹgbẹ́ àsàlátù wọn níṣojú mi.

Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ èyí, mo gbé e sókè pátápátá níbi tí gbogbo ayé á ti rí i:

"ÀTÚNṢE. A kọ ọ́ pé Àlhájà tó ń gba owó òrùlé àwọn amọ̀kòkò ní Dádà kó owó náà jẹ. Irọ́ ni. Ohun tí ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀ sọ ni pé òun ló kó owó náà jọ. A ṣì í gbọ́. A tún kọ ọ́ pé a wá Àlhájà títí, ẹ̀ẹ̀kan la pè é. A ti yí ìròyìn náà padà láàárọ̀ ọ̀la láìsọ fún yín"

(mo pa "láàárọ̀ ọ̀la" rẹ́, mo kọ "lálẹ́ òní", ọwọ́ mi ń gbọ̀n)

"èyí náà kò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ bá fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, ẹ fi eléyìí náà ránṣẹ́ síbẹ̀."

Ọ̀gá pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mi ò gbé e. Nígbà tó yá ó fi tẹ́sì ránṣẹ́: "Fi kún un pé èmi ni mo kọ àkọlé." Mo fi kún un.

Lówùúrọ̀ mo lọ Ókèléle. Àlhájà jókòó lórí àpótí níwájú ilé, pánù tuntun wà lẹ́yìn wọn, wọ́n to gbogbo ẹ̀ jọ, káfíńtà ni wọ́n ń retí láti ọjọ́ yìí. Mo kúnlẹ̀, mo ka àtúnṣe náà sí wọn létí torí wọn ò mọ̀wé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ọwọ́ mi tó mú fóònù.

"Ti àkọ́kọ́ yẹn," wọ́n ní, "ó dé Jídà. Àbúrò mi pè mí láti Jídà, ó ń sunkún. Ó dé Èkó. Ó dé ilé àna ọmọ mi. Ṣé èyí tó o kà yìí náà á débẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀, mà.

Wọ́n pe ọmọ wọn kó gbé fóònù wá. Wọ́n ní kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀ kí n jókòó dáadáa, torí iṣẹ́ pọ̀, àwọn á máa pe orúkọ, èmi á máa fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí oòrùn fi gùnkè, a ti fi ránṣẹ́ sí èèyàn mọ́kàndínlógójì. Àbúrò tó wà ní Jídà ni wọ́n fi sí ìkẹyìn. Wọ́n ní tiẹ̀ yẹn, kí n má kọ ọ́, kí n pè é, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Fóònù ń dún lọ́hùn-ún.