Erùpẹ̀ Wà Lára Iṣu: Ewì Ìdúpẹ́ Ìkórè

Fún ìsìn ìdúpẹ́ ìkórè ìjọ wa ní Òṣogbo. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 8.7.8.7, ohùn tí ìjọ bá mọ̀ jù lọ ni kí akọrin gbé e sí. Ẹnì kan ni yóò máa ka ẹsẹ, gbogbo ìjọ yóò dìde gbe Ègbè. Kí àwọn tó gbé irè oko wá dúró lẹ́yìn títí a ó fi pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fọ iṣu. Bí ẹ ṣe wà á jáde nínú ebè ni kí ẹ gbé e wá.

Ìpè

Ẹ wọlé, ará Òṣogbo,
Ẹ gbé ohùn yín sókè;
Òkè-Fìà, Ayétòrò,
Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, ẹ bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ ti lọ, oṣù ti lọ,
Ọdún sì ti yí padà;
Àwa tí a wà láàyè
Ló gbọ́dọ̀ gbé ọpẹ́ wá.

Ègbè

Ọpẹ́ ni fún Olúwa wa,
Ẹni tó ni gbogbo 'lẹ̀;
Ó rọ̀jò, ó rán oòrùn,
Ó fún wa ní ìkórè.

Ìtàn ọdún yìí

Oṣù kẹta l'òjò bẹ̀rẹ̀,
Ilẹ̀ m'omi, ilẹ̀ yó;
A kọ ebè, a gbin iṣu,
A gbin àgbàdo sí i.

Àwọn ìyá gbin ẹ̀gúsí,
Ewédú àti ilá;
Ọ̀dọ́ ro oko ẹ̀gẹ́ wọn
Lọ́nà Ìlobù lọ́hùn.

Ṣùgbọ́n lóṣù keje ọdún
Òjò dá, kò tún rọ̀ mọ́;
Sánmà mọ́ bí àwo fífọ̀,
A kò rí ṣíṣú òjò.

Ewé 'gbàdo ká bí ẹní
Tí a ká tì sí yàrá;
Irun rẹ̀ gbẹ kó tó gbó tán,
Hóró kò kún orí rẹ̀.

Mo rí bàbá kan lórí 'bè,
Ó bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́ wò;
Ó dà láàrin ìka rẹ̀
Bí eérú àdògán.

Kò sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀,
Ó ṣí fìlà, ó wí pé:
“Olúwa, ìwọ lo gbìn ín,
Má jẹ́ kó kú lójú wa.”

Owó gàrí ń lọ sókè
Lọ́jà Ọba lójúmọ́;
Ẹni tó ń ra àpò rí
Wá ń ra kóńgò kan.

A ṣe ìṣọ́ òru mẹ́ta
Nínú ilé Ọlọ́run;
Ọmọdé sùn lẹ́yìn ìyá,
Ìyá rẹ̀ kò tòògbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan
Atẹ́gùn tútù wọ̀lú;
Eruku fò lọ́nà Gbọ̀ngán,
Ẹyẹ wọlé, ó dákẹ́.

Ẹ̀kán kan bọ́ sí páànù,
Ẹ̀kejì tẹ̀lé e wá;
Kí a tó kó aṣọ wọlé,
Òjò ti bo Òṣogbo.

A bọ́ síta nínú òjò,
Àgbà pẹ̀lú ọmọdé;
Bàbá yẹn tún ṣí fìlà rẹ̀,
Kì í ṣe fún ẹ̀bẹ̀ mọ́.

*(Ègbè)*

Gbígbé irè wá

*Níhìn-ín ni kí àwọn tó gbé irè wá máa jó bọ̀ níwájú. Ẹ má kánjú wọn. Onílù, ẹ rọra.*

Ẹ gbé irè oko yín bọ̀,
Ẹ gbé e wá sí pẹpẹ;
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì ń sun oje
Níbi àdá ti gé e.

Erùpẹ̀ wà lára iṣu,
A kò fọ̀ ọ́ kó tó dé,
Kí Ọba tó dá erùpẹ̀
Lè wo iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀.

Kòkó gbígbẹ ń ró lápò,
Obì wà nínú ewé;
Epo pupa kún kẹ́ẹ̀gì,
Ó ń pọ́n bí ìrọ̀lẹ́.

Aláró gbé àdìrẹ wá,
Aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn;
Òṣogbo ìlú aró ni,
Kí aró yin Olúwa.

Awakọ̀ wa lọ, wọ́n sì bọ̀,
Olùkọ́ rí ohun jẹ;
Nọ́ọ̀sì, télọ̀, aláta,
Wọ́n gbé tiwọn dé pẹ̀lú.

Opó kan dé, ó gbé igbá,
Ata rodo méje ni;
Igi ata ẹ̀yìnkùlé
Ni gbogbo oko tó ní.

Ó rọra gbé igbá kalẹ̀,
Ó jó, ó forí balẹ̀;
Àpò kòkó kò ju ata
Yẹn lọ lójú Ọlọ́run.

Mósè ti wí fún wa tipẹ́:
Má kórè igun oko;
Fi í sílẹ̀ fún tálákà
Àti fún àlejò rẹ.

Rúùtù pèéṣẹ́ lóko,
Bóásì kò lé e lọ;
Ẹni a fún ní ìṣẹ́kù
Ló bí ìran Dáfídì.

Torí náà lẹ́yìn ìsìn,
Bí a bá ti ṣe gbànjo,
Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀
Yóò lọ bá tálákà.

A ó gbé e délé fún wọn,
A kò ní fun fèrè rẹ̀;
Ẹ jọ̀ọ́, ká má ya fọ́tò,
Kójú má ti opó wa.

*(Ègbè)*

Ìrántí

*Kí ìlù dákẹ́ pátápátá. Ẹni tó ń kà á kò gbọdọ̀ sáré.*

Àwọn tó bá wa kọ ebè
Tí wọn kò rí ìkórè,
Àga wọn ṣófo lónìí,
Ọpẹ́ wọn wà lẹ́nu wa.

Ilé tí àgbàdo rẹ̀ kú
Kí òjò tó padà dé,
A kò ní fi orin bò yín,
A mọ ọgbẹ́ inú yín.

Ẹ wá jẹ nínú iṣu wa,
Ẹ gba èbù lọ sóko;
Ẹni tó fẹkún fúnrúgbìn
Yóò fi ayọ̀ kórè.

Bí ayé bá ṣì wà síbẹ̀,
Gbígbìn, kíkórè kò tán;
Òtútù àti ooru,
Ọ̀sán, òru kò dẹ́kun.

Ìlérí fún Nóà nìyí,
Ó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa;
Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn kọjá,
Ọlọ́run ló ń dà á.

*(Ègbè, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìlù)*

Ìbùkún

*Olùṣọ́-àgùntàn yóò na ọwọ́ sórí ìjọ. Lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ìjọ: Àmín.*

Kí Olúwa bùkún fún yín,
Kí ó pa yín mọ́ títí;
Kí ojú Rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí yín,
Kí ó ṣàánú fún yín.

Kí ọkọ́ yín má kán lóko,
Kí àdá má ṣá ẹsẹ̀;
Kí ejò yà kúrò lọ́nà,
Kí àárẹ̀ má mú yín.

Kí àká yín kún dé òkè,
Kí kòkòrò má wọ̀ ọ́;
Kí ìkòkò má gbẹ nílé,
Kí ọmọ má febi sùn.

Kí òjò rọ̀ ní àsìkò,
Kó má gbé ilé wa lọ;
Kí ẹ padà dé lámọ́dún,
Kí àga kan má ṣófo.

Ní orúkọ Baba, Ọmọ,
Àti ti Ẹ̀mí Mímọ́:
Ẹ lọ ní àlàáfíà.
Kó rí bẹ́ẹ̀ o. Àmín.