Ojú Ọ̀tún

Rábì ti sanwó ọ̀dà kó tó padà sí Ìlọrin. Kírímù ló yàn. Ó ní kírímù máa ń jẹ́ kí yàrá mọ́lẹ̀, àti pé ìmọ́lẹ̀ ni àgbàlagbà nílò. Wàsíù gbé ike ọ̀dà funfun méjì wọlé, ó kó róólà àti àkàbà kékeré tẹ̀ lé e, ó sì tú àwọn ìgò sitéénà rẹ̀ jáde látinú láílọ́ọ̀nù. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀ kí ọ̀dà má baà ba símẹ́ńtì jẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìgò yẹ́lò ni ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bá sọ̀rọ̀.

"Dúró ná."

"Màmá, ṣé òórùn ọ̀dà ni?"

"Òórùn wo? Èmi tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró. Fi kírímù Rábì kun ògiri mẹ́ta. Èyí tó kọjú sí mi yìí, mo ní ohun tí mo fẹ́ níbẹ̀."

Wàsíù wo ògiri náà. Ọmọ ọdún 22 ni, ó ti kunlé tó pọ̀ ní Òkè-Fìa àti Ìgbóna, ó sì mọ̀ pé tí onílé bá ti ní òun "ní ohun tí òun fẹ́," ilẹ̀ á ṣú báni níbẹ̀.

"Àwọ̀ wo ni, Màmá?"

"Ti aró."

"Bùlúù." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìgò bùlúù.

"N kò pe bùlúù. Jókòó."

Ó jókòó sórí ike tó kún.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Ìyá Rábì. Awọ ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì láti ọdún pípẹ́, díẹ̀díẹ̀, débi tí òun fúnra rẹ̀ kò fura. Ohun tó fura sí ni àwọn tó ń ta àdìrẹ. Tó bá dé ìsọ̀ wọn, á na aṣọ sókè, á ní wọ́n ti ń fi omi là á, aró wọn ti di omi ìfọwọ́, olè ni gbogbo wọn. Ọ̀kan lára wọn ti sọ fún un rí pé kó má dé ìsọ̀ òun mọ́. Nígbà tí dókítà yọ awọ ojú ọ̀tún, tí wọ́n fi gíláàsì tíntín sí i, tí wọ́n wá tú báńdéèjì ní ọjọ́ kejì, ohun tó kọ́kọ́ rí ni bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ iléèwòsàn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, bọ́kẹ́ẹ̀tì ike. Bùlúù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi pe nọ́ọ̀sì pé ta ló kùn ún. Ti òsì kò tíì sí owó fún un, nítorí náà ojú méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ kan náà mọ́. Kò sì tíì lọ bẹ àwọn alàdìrẹ. Ó ní wọ́n lè jẹ́ olè síbẹ̀.

"Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró rí?" ló bi Wàsíù.

"Mo ti rí i, Màmá. Àwọn tó ń lo àwo ike, tí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́."

"Ti inú agolo nìyẹn. Ti ìyá mi, ewé èlú ni. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rúwé la máa ń já. A óò gún un lódó, a óò ṣù ú, a óò sá a sóòrùn. Eérú ńkọ́? Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu la máa ń kó eérú sí, a óò bu omi lé e, ó máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, tó-tó-tó. Omi eérú yẹn la ó fi rẹ èlú. Yóò wà níbẹ̀ títí tí yóò fi kan, tí yóò máa hó. Ìyá mi máa ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Tí kò bá tíì mú, yóò tutọ́ dànù, á ní kí n máa ṣeré mi lọ."

Wàsíù ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Ó ti tú bùlúù sínú agolo mílíìkì, ó ti fi funfun sí i. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà kan sára ògiri.

Ìyá Rábì wò ó. "Ti aṣọ iléèwé nìyẹn."

Ó kán dúdú sí i. Ìlà kejì.

"Ti ọlọ́pàá."

"Màmá, ẹ sọ ohun tó jọ fún mi. Ṣé ó jọ ojú ọ̀run ni? Àbí ti ìyẹ́ agbe?"

"Má bá mi fi nǹkan wé nǹkan. Tó bá jọ ojú ọ̀run, mi ò ní bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀, mo máa ń rí ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé. Mo ń sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ fún ọ, ìwọ ń bi mí ní ohun tó jọ."

Òótọ́ ni pé arúgbó yìí le. Ṣùgbọ́n ní Òṣogbo, ìtàn ìlú fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò aró: wọ́n ní igi tí àwọn ọdẹ gé ló wó lu odò, tí ohùn kan sì ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Kò sí bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe lè sọ fún ìyá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun pé aró ò tó nǹkan.

"Ẹ máa bọ̀ níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀, Màmá," ni Wàsíù wí. "Ẹ ti ki aṣọ bọ ìkòkò. Kí ló kàn?"

Ìyá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó di aṣọ mú.

"Ìyá mi di etí kan mú, èmi di ìkejì. A fà á jáde. Kì í ṣe bùlúù nígbà náà. Àwọ̀ ewé ni, ewé tó ti fẹ́ pọ́n. Àlejò tó bá rí i, á ní aró ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn á wá kàn án. Etí aṣọ ni yóò kọ́kọ́ yí, nítorí ibẹ̀ ni omi ti tètè ro kúrò. Yóò máa yí bọ̀ wá sí àárín. Àmọ́ níbi tí aṣọ ti ká, tí atẹ́gùn ò tíì dé, ewé ṣì wà níbẹ̀. Ìyá mi á ní, 'Nà án, nà án, má jẹ́ kó ká!' Èmi á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ká díẹ̀. Nítorí mo fẹ́ rí ibi tí ewé àti aró ti ń pàdé. Kì í pẹ́. Bí o bá yí ojú, ó ti lọ. Ibẹ̀ ni kó o bá mi mú."

Wàsíù dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ki aṣọ bọ aró nígbà yẹn?"

Ìyá Rábì yí ojú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. "Kí ló dé tó o fi bèèrè?"

"Tó bá jẹ́ àkọ́kọ́, yóò fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá ti pọ̀, bùlúù tó ti wà lára aṣọ á ti wà lábẹ́ ewé yẹn, kò ní mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì," ni ìyá wí, jẹ́jẹ́. "Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ìwọ, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ọ̀gá mi kan ní Ẹdẹ ni."

"Ó kọ́ ọ."

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fọ agolo, ó tún un pò: bùlúù, yẹ́lò díẹ̀, funfun. Ó mọ́lẹ̀ jù, ó dà bíi ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Ìyá Rábì mi orí. Wàsíù ronú, ó wá kán pupa ẹyọ kan sí i. Ẹnikẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé ó ti bà á jẹ́, nítorí kí ni pupa ń ṣe láàárín ewé àti aró? Pupa ló máa ń mú kí àwọ̀ ewé dín ariwo kù. Dúdú ò lè ṣe é, dúdú á kàn sọ ọ́ di ìdọ̀tí. Ó rò ó, ó fà á sára ògiri.

"Ó ti súnmọ́ ọn," ni ìyá wí. "Aró rẹ̀ kù."

Ó fi bùlúù kún un. Ó fà á.

Ìyá Rábì sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wàsíù sáré fún un lọ́wọ́, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó lọ dúró síwájú ìlà tuntun náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì. Kò sọ̀rọ̀. Ó tún yí i padà, ó bo ojú ọ̀tún.

"Ó yẹ," ló wí. "Rárá, kò yẹ." Ó tún bo òsì. "Ó yẹ." Ó yí i padà. "Ẹ̀tẹ́."

"Màmá, ojú wo ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Kò dá a lóhùn. Ó ń wo ìlà náà, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. "Ó ń yí," ló wí. "Ó ń dúdú. Kí lo ṣe sí i?"

"Ó ń gbẹ ni. Ọ̀dà olómi, tó bá gbẹ, á dúdú ju bó ṣe wà nínú agolo lọ. Ohun tẹ́ ẹ rí nígbà tó tutù kọ́ ni yóò wà lára ògiri."

"Ìyẹn ni pé irọ́ ni o ti ń fi hàn mí látàárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ o, Màmá."

Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó kó ikọ́ bá a. "Aṣọ tiwa, tó bá tutù ló máa ń dúdú. Tó bá gbẹ, á ṣí. Àlejò tó bá rí i lójú okùn nígbà tó tutù á fẹ́ rà á, tó bá dé ilé, á ní a yí i padà. Ìyá mi kì í taṣọ tútù fún ẹnikẹ́ni." Ó na ìka sí ike. "Wá pò ó fún mi bí ẹni tó mọ̀ pé yóò dúdú."

Wàsíù da ọ̀dà funfun sínú ike òfìfo, ó kán sitéénà sí i ní ìwọ̀n tó ti lò, ó wá fi funfun kún un ré kọjá. Àwọ̀ tó wà nínú ike náà kò jọ ohun tí wọ́n ti ń wá rárá. Ó fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ìyá Rábì tẹ̀ ba, ó wò ó, ojú méjèèjì là sílẹ̀.

Fóònù dún. Rábì ni. Wàsíù tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí etí ìyá náà.

"Màmi, ṣé kírímù yẹn dùn ún wò?"

"Ó dùn ún wò púpọ̀," ni ìyá wí. "Ògiri mẹ́ta ló gbà."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Owó ojú òsì lo máa wá, má dààmú nípa ògiri." Ó fi ọwọ́ ti fóònù dànù. Ó yíjú sí Wàsíù, tó ti rẹ róólà sínú ike ṣùgbọ́n tí kò tíì gbé e.

"Ẹ̀ ò tíì dá mi lóhùn, Màmá. Ojú wo?"

"Ọ̀tún. Òun ló jẹ owó Rábì. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá fèrèsé, kó o sì fà á wálẹ̀, má fà á sókè."