Oògùn ibà tá a fún yín: bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó, tí èébì bá wá gbé e jáde ńkọ́?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé máláríà ló ń ṣe yín, Kóátẹ́ẹ̀mù oníhóró 24 la sì fún yín. Àgbàlagbà tó wọn kílò 35 sókè á lo hóró 4 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 3. Tó bá jẹ́ èyí tó le, tó jẹ́ hóró 6 péré nínú páálí, hóró 1 lẹ́ẹ̀kan ni o, ẹ má ṣe lo 4! Ti ọmọdé, kílò ẹ̀ la fi ń ka tiẹ̀, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sára páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Èyí àkọ́kọ́, ẹ lò ó lónìí, ìkejì lẹ́yìn wákàtí 8, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá lo àkọ́kọ́ laago 10 àárọ̀, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni ìkejì. Lọ́la àti ọ̀túnla, àárọ̀ àti alẹ́. Ara á ti máa yá díẹ̀ lọ́la, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jù ú sílẹ̀ tàbí kí wọ́n tọ́jú ìyókù de ọmọ àbúrò wọn, tí ibà náà á sì padà wá. Ẹ lò ó tán.

Ẹ má fi inú òfìfo lò ó. Ọ̀rá inú oúnjẹ ló máa ń jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa, torí náà ẹ jẹ àkàrà, mọ́ínmọ́ín, tàbí tí ẹnu bá korò, ẹ fi mílíìkì sí ẹ̀kọ mu. Àgbo, ẹ gbé e tì ná. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ọkàn, ti ikọ́ ife tàbí ti kòkòrò HIV, tàbí tẹ́ ẹ bá lóyún, ẹ sọ fún wa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá bì ńkọ́? Ẹ wo aago tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì. Tí èébì bá dé kó tó pé wákàtí 1, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ rọra mu omi, kẹ́ ẹ tún gbogbo rẹ̀ lò, kì í ṣe ìdajì. Tó bá ti kọjá wákàtí 1, ẹ má tún un lò, ẹ dúró de àkókò tó kàn. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ tún lò yẹn á jẹ́ kí oògùn yín dín ní ìgbẹ̀yìn, ẹ mú páálí náà padà wá ká fi kún un, ẹ má máa pín hóró 4 tó ṣẹ́ kù sọ́nà méjì. Ti ọmọdé, ẹ lọ hóró náà, ẹ fi omi ṣíbí kékeré kan sí méjì pò ó, ẹ gbé e jókòó, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un.

Tẹ́ ẹ bá tún bì èyí tẹ́ ẹ tún lò, ẹ máa bọ̀ kíá, abẹ́rẹ́ lè di dandan. Gìrì, oorun tí kò ṣe é jí, ìtọ̀ tó dúdú, ojú tó pọ́n bí òróòro, èémí tó ń yára, tàbí ọmọ tí kò lè mu ọmú: ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lóru yẹn.