Lẹ́tà Ìjẹ́rìí fún Mojísọlá Adéwùmí

Sí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì,

Ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ Mojísọlá ní ìmọ̀ ìró èdè, èmi náà ni mo sì bójú tó àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀. Máàkì 74 ló gbà. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ 38, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ Èkìtì tó ń fi "u" bẹ̀rẹ̀ ló yẹ̀ wò, irú bí "ulé" àti "usu", èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í gbà. Ó gba ohùn àgbàlagbà 12 sílẹ̀. Nígbà tó gbé wọn sínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàyẹ̀wò ìró, ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bo ìró náà nínú ohùn 5. Kò fi àbùkù náà pamọ́. Ó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀, ó padà lọ, ó sì tún wọn gbà ní kùtùkùtù kí àwọn ará àdúgbò tó tan ẹ̀rọ.

Ìṣirò dátà ṣì kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ rẹ̀; ìdí nìyẹn tí ọdún kan ní yàrá àyẹ̀wò ìró lókè òkun fi máa wúlò fún un gan-an. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún un.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀mọ̀wé B. Adétọ́lá
Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè